Ojú ìmọ́lẹ̀ ihò ìṣó nínú àká gààrí: báwo ló ṣe lè sọ bí oòrùn ṣe tóbi tó?

OníGààrí Òde

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ihò ìṣó kan wà lára páànù àká tí màmá mi ń kó gààrí sí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Oòrùn máa ń gba ibẹ̀ wọlé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì ṣe róbótó sílẹ̀. Mo gbọ́ pé èèyàn lè fi irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣírò bí oòrùn ṣe tóbi tó. Lánàá, ní aago mẹ́ta ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo wọn ìmọ́lẹ̀ náà láti etí kan dé èkejì, ó jẹ́ mílímítà 43. Láti ilẹ̀ dé ibi páànù jẹ́ mítà 3.10. Mo pín 43 sí ọ̀nà 3,100, mo wá fi ìjìnnà oòrùn sí wa, kìlómítà 149,600,000, sọ ọ́ di ìlọ́po. Ohun tó jáde ni 2,075,000. Ìwé tí àbúrò mi ń lò nílé-ìwé ní 1,392,000 ni. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè

Bọ̀dá, ẹ fi páànù yẹn sílẹ̀. Bí oòrùn ṣe fẹ̀ lójú wa kò ju bí ìdajì dígírì lọ, 0.53 gan-an. Ẹ fi 0.53 sọ ìjìnnà yẹn di ìlọ́po, ó parí. Ìmọ́lẹ̀ tó wà nílẹ̀ yẹn kò lè sọ nǹkan kan nípa oòrùn. Ihò ìṣó ló rí róbótó, ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ náà fi rí róbótó. Ká ní onígun mẹ́rin ni ihò náà ni, onígun mẹ́rin lẹ máa rí nílẹ̀.

Káfíńtà Ṣágámù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i pé páànù yín ti lu, òjò sì ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ohun tó ń fa irú ẹ̀ ni pé atẹ́gùn máa ń mi páànù, páànù á máa ha ara ìṣó, ihò á sì máa fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ìṣó tó wọ ihò mílímítà mẹ́ta lè bá ara rẹ̀ nínú ihò mílímítà márùn-ún lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ẹ má fi kóótà lásán dí i, ó máa sán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìṣó tó ní rọ́bà lábẹ́ orí gbá a, kí omi má bàa ba gààrí màmá jẹ́.

Ìyá Ìpẹru

Ọmọ mi tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, mi ò lọ sí yunifásítì, àmọ́ ojú mi rí nǹkan kan tí mo fẹ́ kí o gbọ́. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, òṣùpá bo oòrùn. Níbí, kò bò ó tán, ó kù fẹ́ẹ́rẹ́. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé wa. O mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín ewé kọjá máa ń ṣe róbótó róbótó nílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo róbótó yẹn pátá ló di bíi òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tín-ín-rín, tó tẹ̀ bí ọrun. Ilẹ̀ kún fún wọn. Kò sí ohun tó ṣe ewé máńgòrò o, ewé ọjọ́ náà ni ewé àná. Tó bá jẹ́ pé ihò ló ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ á ṣe rí, kí ló tún wá yí i padà?

Olùkọ́ Ìkẹ́nnẹ́

Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí mo fẹ́ fi ojú-ìwé kan ṣàlàyé lẹ fi igi máńgòrò kan sọ yẹn. Ojú ìmọ́lẹ̀ tó wà nílẹ̀ àká yẹn, àwòrán oòrùn ni. Ọmọ wa lè fi pépà tó nípọn dán an wò fúnra rẹ̀: kó gé ihò onígun mẹ́rin kékeré sí i, kó gbé e sínú oòrùn, kó wo òjìji rẹ̀ láti mítà mẹ́ta. Róbótó ló máa bá níbẹ̀. Bó bá gbé pépà náà súnmọ́ ilẹ̀ gan-an nìkan ni igun mẹ́rin máa fara hàn.

Ní ti dígírì, 0.53 tó mú wá kò burú, àmọ́ ìṣirò tó fi ṣe kò tọ́. Ohun tó sọ máa fún un ní oòrùn tó fẹ̀ tó kìlómítà mílíọ̀nù 79. A ní láti kọ́kọ́ pín dígírì náà sí ọ̀nà 57.3, kó tó di ohun tí a lè fi sọ ìjìnnà di ìlọ́po. 0.533 tí a pín sí 57.3 jẹ́ 0.0093. Ìyẹn ni pé bí oòrùn bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ibi tó jìnnà sí wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 107 àti ààbọ̀. Iye yìí, ìdá kan nínú 107, náà ni ihò páànù fẹ́ fún OníGààrí, láìlo dígírì rárá.

Wàyí o, OníGààrí, ọ̀nà tí o gbà ṣe é dára. Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ sí ọ, wọ́n sì jọ tì ọ́ síbì kan náà ni.

Àkọ́kọ́, o wọn òró láti ilẹ̀ dé páànù, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ kò bọ́ ní òró. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́ta lù, oòrùn ti yẹ̀ kúrò ní àárín orí. Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ tọ̀ dà gbére, ó sì gùn ju mítà 3.10 lọ. Nítorí pé ó dà gbére náà ni ojú ìmọ́lẹ̀ náà kò fi lè jẹ́ róbótó gan-an. Ó ní láti rí bí ẹyin, kí apá kan gùn ju èkejì lọ. Mo fura pé apá tó gùn lo wọ̀n. Ọ̀la, ní àkókò kan náà, na tépù láti etí ihò náà wá tààrà sí àárín ojú ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn apá tó kúrú.

Èkejì ni ohun tí Káfíńtà sọ láìmọ̀ pé ìbéèrè rẹ ló ń dáhùn. Bí ihò bá fẹ̀ ní mílímítà márùn-ún, etí ọ̀tún ihò náà máa ju àwòrán oòrùn kan sílẹ̀, etí òsì máa ju òmíràn. Àwòrán méjèèjì tóbi bákan náà, àmọ́ ọ̀kan fi mílímítà márùn-ún yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Gbogbo ibi tó wà láàárín ihò náà ń ju tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tó wà nílẹ̀ fẹ̀ ju àwòrán oòrùn lọ ní ìwọ̀n ihò fúnra rẹ̀. Wọn ihò náà láti orí òrùlé, kí o yọ ọ́ kúrò.

Má gbé ojú sí ihò náà láti wo oòrùn o. Ilẹ̀ ni kí o máa wò.

Káfíńtà Ṣágámù

Háà, ẹ má bínú. Mo rò pé jíjò lẹ ń sọ ni. Bí ẹ bá fẹ́ wọn ihò náà, ẹ má fi rúlà wọ̀n ọ́n láti inú ilé, ìpẹtà máa ń bo etí rẹ̀. Ẹ fi orí irin dírílì dán an wò láti òkè: èyí tó bá wọlé gẹ́lẹ́ láìmì, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára ni ìwọ̀n ihò yín.

OníGààrí Òde

Mo ti ṣe é. Orí dírílì mílímítà márùn-ún ló wọlé gẹ́lẹ́, Káfíńtà ò purọ́. Tépù tí mo nà tẹ̀lé ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ jẹ́ mítà 3.58. Apá tó gùn ṣì jẹ́ 43, àmọ́ apá tó kúrú jẹ́ 38. Mo yọ ihò márùn-ún kúrò nínú 38, ó ku 33. Mo pín 33 sí ọ̀nà 3,580, mo wá fi 149,600,000 sọ ọ́ di ìlọ́po. Kìlómítà 1,379,000!

Mo pe màmá wá wò ó. Wọ́n ní ṣé òótọ́ ni pé oòrùn ló wà nílẹ̀ yẹn, mo ní òótọ́ ni. Wọ́n bọ́ bàtà kí wọ́n tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Aránṣọ Igbó

Ẹ kú oríire o, bọ̀dá. Àmọ́ nǹkan kan ò yé mi. Inú ìwé lẹ ti mú ìjìnnà oòrùn. Ìwé kan náà ló sọ bó ṣe tóbi tó. Bí ẹ bá ti gba ìwé gbọ́ lórí ìkíní, kí lẹ tún ń gun òrùlé kiri fún lórí ìkejì? Ká ní kò sí ìwé ńkọ́?

Olùkọ́ Ìkẹ́nnẹ́

Àǹtí Aránṣọ, ìbéèrè yín ló kan gbọ̀ngbọ̀n ọ̀rọ̀ náà. Ihò páànù kò lè sọ bí oòrùn ṣe tóbi tó fúnra rẹ̀. Ohun tó lè sọ kò ju pé ìjìnnà rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 107 ìbú rẹ̀. Oòrùn tó fẹ̀ tó ilé yín, tó wà ní ibi tó jìnnà ní ìlọ́po 107 ìbú ilé náà, àwòrán kan náà ló máa jù sílẹ̀ àká yẹn. Ìjìnnà ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìjìnnà yìí ló sì fi ojú àwọn èèyàn rí màbo.

Nǹkan bí ọdún 2,300 sẹ́yìn, Arisitákọ́sì ará Sámọ́sì, onímọ̀ ìràwọ̀ kan nílẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, gbìyànjú rẹ̀. Ó ní nígbà tí òṣùpá bá pín sí méjì gẹ́lẹ́, ìdajì funfun, ìdajì dúdú, èèyàn lè wo igun tó wà láàárín òṣùpá náà àti oòrùn, kó fi mọ ìlọ́po mélòó ni oòrùn fi jìnnà ju òṣùpá lọ. Ọgbọ́n náà dára. Ó lo dígírì 87, ó sì rí i pé oòrùn jìnnà tó ìlọ́po bíi 19. Igun náà gan-an súnmọ́ dígírì 89.85, èyí tó jẹ́ kí ìlọ́po náà tó bíi 390. Ẹ wo bí dígírì tí kò pé mẹ́ta ṣe sọ ìdáhùn di ìdá kan nínú ogún. Níwọ̀n bí òṣùpá àti oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ bákan náà lójú wa, iye ìgbà tí oòrùn fi jìnnà jù ú náà ló fi tóbi jù ú. Nítorí náà, oòrùn Arisitákọ́sì kéré púpọ̀ sí ojúlówó.

Ọdún 1761 àti 1769 ni iye náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí múlẹ̀. Àgùàlà gba iwájú oòrùn kọjá lọ́dún méjèèjì yẹn, àwọn èèyàn sì dúró káàkiri ayé, níbi tó jìnnà síra, láti wo ìgbà tó wọlé àti ìgbà tó jáde. Ibi tí wọ́n dúró sí yàtọ̀, nítorí náà ipa ọ̀nà tí Àgùàlà tọ̀ lójú oòrùn yàtọ̀ díẹ̀ fún oníkálukú, ìyàtọ̀ yẹn ni wọ́n fi ṣírò ìjìnnà. Ní 1961, wọ́n fi rédà kan Àgùàlà, wọ́n ka àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀. Ti òṣùpá rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti 1969 tí àwọn Àpólò 11 ti gbé dígí kan síbẹ̀, wọ́n máa ń ju ìmọ́lẹ̀ lé e láti ilẹ̀ ayé. Ó ń lọ, ó sì ń bọ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì àti ààbọ̀.

Nítorí náà, àǹtí, ìjìnnà ni OníGààrí yá. Ìdá kan nínú 107 yẹn, tirẹ̀ ni. Kò sí ìwé tó fún un.

Ìyá Ìpẹru

Olùkọ́, ẹ tún bá mi wo èyí. Iléyá tó kọjá, àwọn ọmọ mi mú mi lọ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, òṣùpá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Nígbà tó yọ lẹ́yìn àwọn ilé, ó tóbi bí ọpọ́n ayò. Ìgbà tí a fi máa délé ní Ìpẹru, tó ti gòkè, ó ti kéré bí àwo ọbẹ̀. Ẹ ní èèyàn ń fi fífẹ̀ lójú ṣírò. Fífẹ̀ èwo ni ká lò?

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè

Màmá, ẹ̀yin àti Olùkọ́ ti ṣe mí lóore, mo ti gé pépà onígun mẹ́rin, róbótó ni mo bá nílẹ̀ lóòótọ́. Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà. Lórí òṣùpá, ohun tí mo mọ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ojú ọ̀run máa ń fẹ òṣùpá bí ìgbà tí èèyàn bá wo nǹkan nínú omi. Ìdí nìyẹn tó fi tóbi.

Olùkọ́ Ìkẹ́nnẹ́

Rárá o, afẹ́fẹ́ kò fẹ̀ ẹ́. Ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe ni pé ó máa ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ díẹ̀ láti òkè sí ìsàlẹ̀ bó bá wà nítòsí ilẹ̀ gan-an, ó sì máa ń pọ́n ọn. Màmá, bí ẹ bá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa rí i pé bákan náà ni. Kódà, nígbà tó wà lókè orí ló tún súnmọ́ wa díẹ̀ sí i, bíi kìlómítà 6,000, nítorí pé ìdajì ìbú ayé kò sí láàárín àwa àtirẹ̀ mọ́. Ohun tó mú kí ojú wa rí i bí ọpọ́n ayò, àwọn tó mọ̀ nípa ojú àti ọpọlọ ṣì ń jiyàn lé e lórí dòní.

Aránṣọ Igbó

Ọ̀rọ̀ òṣùpá yìí ló bá mi lára mu, nítorí pé mo ní tépù, mo sì ní bọ́tìnì. Lálẹ́ àná, òṣùpá kún. Mo fi bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì, mílímítà 11, lẹ ẹnu igi ìgbálẹ̀ kan. Mo di ojú kan, mo ń sún un síwá sẹ́yìn títí tó fi bo òṣùpá pátápátá láìkù etí. Ọmọ mi fi tépù wọ̀n ọ́n láti ojú mi: sẹ̀ntímítà 80. Mo pín 11 sí ọ̀nà 800, mo fi ìjìnnà òṣùpá, 384,400, sọ ọ́ di ìlọ́po. Mo rí 5,285. Ìwé ní 3,474. Mi ò gbé tépù ní gbére, kò sì sí ihò páànù níbí. Ta ló wá fẹ òṣùpá tèmi?

OníGààrí Òde

Àǹtí, ẹ wò ó: 5,285 yín tóbi ju ti ìwé lọ ní nǹkan bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀, bíi tèmi gẹ́lẹ́.

Olùkọ́ Ìkẹ́nnẹ́

Ihò wà níbẹ̀ o, àǹtí. Ojú yín ni. Ẹyinjú dúdú tó wà láàárín ojú, ihò ni, lálẹ́ ó sì máa ń ṣí sílẹ̀. Bí bọ́tìnì bá bo òṣùpá fún àárín ihò yẹn, apá ọ̀tún ihò náà ṣì ń rí etí òṣùpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì, apá òsì náà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ń fa bọ́tìnì súnmọ́ra títí tí gbogbo ihò ojú yín kò fi rí nǹkan kan mọ́. Ní sẹ̀ntímítà 80, ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé ihò ojú yín fẹ̀ ní mílímítà mẹ́rin ó dín díẹ̀. Bọ́tìnì mílímítà 11 tó pàdánù bíi mẹ́rin fún ojú, méje péré ló fi bo òṣùpá.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ni kí ẹ lò pọ̀. Ẹ wá bọ́tìnì tó tóbi, irú ti kóòtù, kí ìyẹn tí ojú ń jẹ má bàa pọ̀ lára rẹ̀. Kí ẹ sì lu ihò mílímítà méjì sára páálí, kí ẹ gbé e ka ojú, kí ó lè jẹ́ pé ihò tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ lẹ ń wo òṣùpá láti inú rẹ̀. Ẹ máa wá yọ méjì kúrò nínú ìbú bọ́tìnì. Òṣùpá kò lè ṣe ojú léṣe. Ẹ má ṣe dán an wò pẹ̀lú oòrùn láé.

Aránṣọ Igbó

Mo ti ṣe é lálẹ́ yìí. Bọ́tìnì kóòtù mílímítà 30, páálí níwájú ojú, ọmọ mi di igi ìgbálẹ̀ mú láti ọ̀nà jíjìn. Ìwọ̀n láti páálí dé bọ́tìnì jẹ́ mítà 3.05. Mo yọ méjì kúrò nínú 30, ó ku 28. Ohun tó jáde ni kìlómítà 3,529.

Mo tún ṣe tìtorí Màmá Ìpẹru. Mo wọ̀n ọ́n nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́yìn igi obì, mo tún wọ̀n ọ́n ní aago mọ́kànlá òru. Ibì kan náà ni ọmọ mi dúró sí. Ojú mi ṣì ń sọ pé ti àkọ́kọ́ tóbi jù, àmọ́ bọ́tìnì kò gbà.

Ìyá Ìpẹru

Ó dára bẹ́ẹ̀. Mo gba bọ́tìnì gbọ́. Mo ṣì máa pè é ní ọpọ́n ayò bó bá yọ.

Olùkọ́ Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí. Ẹ má jẹ́ kí 55 tó ṣẹ́ kù yẹn dà yín láàmú. Òṣùpá kì í dúró sójú kan: nínú oṣù kan ó lè súnmọ́ wa dé bíi kìlómítà 363,000, kó sì tún jìnnà dé bíi 405,000. Bí ẹ bá fi bọ́tìnì yìí àti páálí yìí wọ̀n ọ́n ní òṣùpá kíkún tó súnmọ́, mítà 2.9 lẹ máa rí. Èyí tó jìnnà máa fún yín ní bíi 3.3. Àárín gbùngbùn ni 384,400 tí ẹ lò. Ẹ máa kọ mítà tí ẹ bá rí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá kún, láti ìsinsìnyí títí di oṣù Kérésìmesì. Ẹ máa rí i bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

OníGààrí Òde

Olùkọ́, mo fẹ́ kí tèmi dára jù bẹ́ẹ̀. Ṣé ìgbà kan wà tí ìmọ́lẹ̀ máa ń bọ́ ní òró, tí kò ní dà gbére rárá?

Olùkọ́ Ìkẹ́nnẹ́

Ó wà, o sì wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ní Ìjẹ̀bú, oòrùn máa ń kọjá láàárín orí gẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí ọjọ́ 7 oṣù kẹrin àti nǹkan bí ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án. Má ṣe é ní aago méjìlá o. Aago Nàìjíríà tẹ̀ lé oòrùn ibi tó jìnnà sí wa ní ìlà-oòrùn, nítorí náà aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀sán gangan tiwa. Ní àkókò yẹn, òró àti ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ máa di ọ̀kan, ojú ìmọ́lẹ̀ náà á sì rí róbótó pípé. Bí o bá bá a bí ẹyin, àkókò ti yẹ̀.

Fi pépà dídán inú páálí sìgá bo ihò náà láti òkè, kí o lu ihò mílímítà méjì sí i. Má ṣe é kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, nítorí ihò tó bá ti kéré jù, ìmọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká fúnra rẹ̀, etí àwòrán á tún bàjẹ́. Fi pẹ́ńsù sàmì sí etí méjèèjì kíákíá, torí àwòrán náà ń rìn. Ní ìṣẹ́jú méjì lé díẹ̀, á ti kúrò lójú ibi tó wà pátápátá.

OníGààrí Òde

Mo ṣe é lọ́sàn-án òní. Róbótó pípé ni lóòótọ́. Ìjìnnà 3.10, àwòrán 31. Mo yọ méjì, ó ku 29. Kìlómítà 1,399,000. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ti ìwé kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún!

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè

Mo bá yín yọ̀, bọ̀dá, àmọ́ nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Etí àwòrán yẹn kì í mú. Ó máa ń ṣú díẹ̀díẹ̀ ni. Bí ẹ bá fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti parí pátápátá, ó tọ́ kí ẹ yọ méjì. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ibi tó ti ṣú dé ìdajì ni ojú yín mú, a jẹ́ pé àwòrán oòrùn gan-an lẹ wọ̀n, kò sì yẹ kí ẹ yọ nǹkan kan. Tí ẹ ò bá yọ ọ́, 1,496,000 lẹ máa rí. Báwo lẹ ṣe mọ èyí tí ojú yín mú? Àbí nítorí pé ìdáhùn ìwé wà níwájú yín lẹ ṣe yọ ọ́?

Olùkọ́ Ìkẹ́nnẹ́

Ọmọ mi, ìbéèrè tó dáa ni, mi ò sì lè fi ẹnu dáhùn rẹ̀. Ojú oníkálukú yàtọ̀, ilẹ̀ náà yàtọ̀: nínú òkùnkùn biribiri ojú máa ń rí etí tó ṣú jù, níbi tó bá mọ́lẹ̀ díẹ̀, etí yẹn á sọnù. Ohun tí mo lè sọ ni bí OníGààrí ṣe lè jẹ́ kí àká fúnra rẹ̀ dáhùn láìwo ìwé. Kó lo ihò méjì tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀, níbì kan náà, ní àkókò kan náà. Bí ihò bá fi mílímítà mẹ́rin fẹ̀ sí i, tí àwòrán náà fi mẹ́rin fẹ̀ sí i, gbogbo ìwọ̀n ihò ni kó máa yọ. Bí àwòrán bá fi méjì péré fẹ̀ sí i, ìdajì ni kó yọ. Bí kò bá yí padà, kó má yọ nǹkan kan.

OníGààrí Òde

Mo lo ihò méjì àti ihò mẹ́fà lọ́sàn-án yìí. Ti méjì ṣì jẹ́ 31. Ti mẹ́fà jẹ́ 34. Mẹ́rin ló fẹ̀ sí i, mẹ́ta ni àwòrán fi fẹ̀ sí i. A jẹ́ pé mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwọ̀n ihò ló yẹ kí n máa yọ, ìyẹn 1.5 kúrò nínú 31, ó ku 29.5. Oòrùn wá di 1,424,000. Ó ti jìnnà sí ti ìwé ju ti àná lọ, àmọ́ mo gbà á ju ti àná lọ.

Olùkọ́ Ìkẹ́nnẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Rántí pé àṣìṣe mílímítà kan péré lórí rúlà rẹ ń yí ìdáhùn padà ní nǹkan bí kìlómítà 48,000. Má kọ 1,424,000, kọ mílíọ̀nù 1.4. Ibẹ̀ ni rúlà rẹ mọ.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè

Ìwọ̀n méjì kéré láti fa ìlà, bọ̀dá. 34 yẹn lè jẹ́ 35. Ẹ fi ihò mẹ́rin kún un.

OníGààrí Òde

Òjò ti ṣú báyìí. Bí oòrùn bá yọ lọ́la, màá lo mẹ́rin, màá tún lo mẹ́jọ, àbúrò mi tí kò mọ ìdáhùn ìwé ni màá sì jẹ́ kó fi pẹ́ńsù sàmì.

Káfíńtà Ṣágámù

Mo ti yọ ìṣó onírọ́bà mẹ́ta sọ́tọ̀ fún yín. Ẹ pè mí tí ẹ bá wọ̀n ọ́n tán. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ fi ọ̀rá bo gààrí màmá.